Bí A Bá Tún Ojú Ènìyàn Ṣe Nínú Fọ́tò, Ẹ Jẹ́ Kí A Sọ Ọ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó jókòó nínú gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní ọjọ́ tí olùkọ́ fọ́tò yíyà kan láti inú ìlú Ìjẹ̀bú-Òde yìí wá bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ óò rántí pé nígbà tí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kíkùn bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ bàbá náà ti le jù. Wọ́n ní, ta ni kì í fẹ́ kí ojú òun dán nínú fọ́tò? Kí a má purọ́, àwa tí a ń kọ ìwé yìí wà lára àwọn tí ó kùn. Ṣùgbọ́n a ti ro ọ̀rọ̀ náà síwájú, a ti rò ó sẹ́yìn, a sì rí i pé bàbá náà jàre. Nítorí náà ni a ṣe mú kálámù.

Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹni tí ó bá tún ojú ènìyàn ṣe nínú fọ́tò, tí ó sì tẹ fọ́tò náà jáde fún gbogbo ènìyàn láti rí, kí ó kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò náà pé òun tún un ṣe, kí ó sì sọ ohun tí òun ṣe sí i. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún ojú ṣe mọ́. Àwọn tí ó ń kùn kò gbọ́ ibẹ̀ dáadáa, àwa náà kò sì gbọ́ ọ ní ọjọ́ náà.

Bàbá náà kò lè ní kí á má tún ojú ṣe, nítorí iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó mú nẹ́gátíìfù àtijọ́ kan jáde láti inú àpò, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó sì ní kí a máa bọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta kí a wò ó. Ojú ìyá àgbàlagbà kan ni. Ẹ mọ̀ pé nínú nẹ́gátíìfù ohun gbogbo yí padà: ibi tí ó funfun lójú ènìyàn di dúdú, ibi tí ó dúdú sì di fífúyẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìlà arúgbó tí ó wà ní iwájú orí jẹ́ òjìji, nítorí náà nínú nẹ́gátíìfù ó dà bí ọ̀nà tóóró kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà báyìí, ìmọ́lẹ̀ yóò gba ọ̀nà náà, yóò sì dúdú lórí bébà. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ a máa gbé nẹ́gátíìfù sórí tábìlì kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ ń ti abẹ́ rẹ̀ wá, wọn a fi epo kan pa á kí ó lè gba pẹ́ńsù, wọn a gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù gùn bí abẹ́rẹ́, wọn a sì máa yí i po díẹ̀díẹ̀ sórí ọ̀nà tóóró náà títí yóò fi dí. Ìmọ́lẹ̀ kò ní lè kọjá bí ti àkọ́kọ́, ìlà arúgbó yóò sì pòórá lórí bébà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ibì kan dúdú sí i, abẹ ni wọ́n fi ń ha ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ènìyàn bá dorí nẹ́gátíìfù náà kọ ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, yóò rí ipa pẹ́ńsù náà tí ó ń dán. Gbogbo wa ni ó rí i lójú ìyá náà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí á rò pé fóònù ni ó kọ́ ọmọ ènìyàn ní títún ojú ṣe. Ohun tí fóònù ṣe ni pé iṣẹ́ tí ó ń gba ọ̀gá ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì ṣeé ṣe bí kò ṣe lórí nẹ́gátíìfù ńlá, ó ti wá di ohun tí ọmọdé ń fi ìka kan ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Iye ojú tí a ń tún ṣe ti pọ̀, àwọn tí ó sì mọ̀ pé a tún un ṣe ti dín kù.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá náà sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò ìbejì, èyí tí ó mú kí gbọ̀ngàn dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí irú rẹ̀ lára ògiri ilé àwọn ìyá wa àgbà. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, òyìnbó Amẹ́ríkà kan tí ó ṣe iṣẹ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ̀wé nípa bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, ó sì ṣe àlàyé irú fọ́tò yìí nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, àwọn òbí a mú èyí tí ó kù lọ sí ọ̀dọ̀ ayafọ́tò. Ayafọ́tò a ya á, a sì tẹ nẹ́gátíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo: a bo apá kan bébà nígbà tí ó bá ń tẹ apá kejì, títí ọmọ kan yóò fi jókòó ti ara rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ méjì ni. Bí èyí tí ó kú bá jẹ́ ọkùnrin tí èyí tí ó kù sì jẹ́ obìnrin, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọn a ya á, wọn a tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn a tún ya á, a ó sì pa méjèèjì pọ̀.

Bàbá náà béèrè lọ́wọ́ wa pé: "Ṣé irọ́ ni fọ́tò yìí?" Ọ̀kan nínú wa dáhùn pé irọ́ ni, nítorí ọmọ méjì kò jókòó níwájú kámẹ́rà. Bàbá náà mi orí. Ó ní, "Ta ni fọ́tò náà tàn jẹ? Ìyá mọ̀ pé ọmọ òun kan ti lọ. Bàbá mọ̀. Àwọn ará ilé mọ̀, ará àdúgbò mọ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ yóò sì mọ̀ nígbà tí ó bá dàgbà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wo fọ́tò náà lára ògiri ti mọ ìtàn rẹ̀ kí ó tó wò ó. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú fọ́tò kan náà, tí mo fi sínú ìwé ìròyìn, tí mo kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé 'Àwọn ìbejì Ìjẹ̀bú méjì', mo ti di òpùrọ́, bẹ́ẹ̀ ni ń kò sì yí ohunkóhun padà nínú fọ́tò náà."

Lójú tiwa, ibí yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Pẹ́ńsù, abẹ tàbí fóònù kọ́ ni ó ń sọ fọ́tò di ẹ̀tàn. Ẹ̀tàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí fọ́tò bá kúrò láàárín àwọn tí ó mọ ohun tí a ṣe sí i, tí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀. Títẹ̀ jáde gan-an sì ni gbígbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀. Ìlà kékeré tí a kọ sí abẹ́ fọ́tò ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ará ilé ń ṣe fún fọ́tò ìbejì: òun ni ó ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí, bàbá náà mẹ́nu ba ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà ọdún 1994. Wọ́n mú O. J. Simpson, gbajúmọ̀ eléré bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wọn nígbà kan rí, pé ó pa ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ àti ọkùnrin kan. Àwọn ọlọ́pàá Los Angeles ya fọ́tò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ya ẹni tí wọ́n bá mú. Ìwé ìròyìn méjì tí ó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ náà, Time àti Newsweek, fi fọ́tò kan náà sí ojú ìwé wọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Newsweek tẹ̀ ẹ́ bí ó ti rí. Time fi tirẹ̀ fún oníṣẹ́ ọnà kan, Matt Mahurin, òun sì mú kí awọ ojú ọkùnrin náà dúdú ju bí ó ti rí lọ, ó mú kí òjìji yí i ká, ó sì dín nọ́ńbà ọlọ́pàá tí ó wà níwájú rẹ̀ kù. Nígbà tí a to ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn, ọmọ kékeré pàápàá rí ìyàtọ̀. Àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ náà bínú gidigidi, wọ́n ní Time sọ ojú ọkùnrin náà di dúdú kí ó lè dà bí ọ̀daràn, nígbà tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá a lẹ́bi. Ní ọdún 1995 ni ilé ẹjọ́ náà sì dá a sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Time kò dákẹ́ pátápátá o. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pé oníṣẹ́ ọnà ni ó fi fọ́tò ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ ọ́ sí, ní ojú ewé tí àkọsílẹ̀ ohun tí ó wà nínú ìwé wà, ní lẹ́tà kéékèèké. Ẹni tí ó kàn rí ojú ìwé náà lórí tábìlì kò lè rí i, ẹni tí ó bá sì rí i, kò sọ fún un pé awọ ojú ni wọ́n sọ di dúdú. Ọ̀gá ìwé ìròyìn náà kọ̀wé sí àwọn òǹkàwé ní ọ̀sẹ̀ kejì láti ṣàlàyé pé àwọn kò ní èrò ibi. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èrò ẹni tí ó tún fọ́tò ṣe kò hàn nínú fọ́tò; ojú tí ó tẹ̀ jáde nìkan ni ó hàn.

Nígbà tí bàbá náà sọ èyí tán, àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn yìí wo ojú ara wa, nítorí a rántí ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Ẹ jẹ́ kí á jẹ́wọ́ rẹ̀. Ní ìjelòó, ọ̀gá ilé-ìwé kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, àgbàlagbà tí ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní agbègbè yìí, gbà láti jẹ́ kí á ya fọ́tò òun fún ìwé ìròyìn wa. Ọ̀kan nínú wa fi fóònù ya á. Kí fọ́tò náà lè dára, ó tan ohun tí fóònù fi ń dan ojú, ó sì fà á lọ sókè pátápátá. Kò sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. A tẹ̀ ẹ́, a sì fi ayọ̀ gbé ẹ̀dà kan lọ fún bàbá. Bàbá wò ó, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ta ni ẹ fi sórúkọ mi yìí?" Pélé tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n kọ fún un ní kékeré, ti lọ. Ó ní bàbá òun ni ó ní kí wọ́n kọ ọ́ fún òun, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá rí òun níbikíbi lè mọ ilé tí òun ti wá. Kò bínú sí wa, èyí ni ó sì dùn wá jù.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ní kí a pa ilà bàbá rẹ́. Báwo ni ó ṣe wá lọ? Ohun tí ń dan ojú nínú fóònù kò mọ ilà, kò mọ ìlà arúgbó, kò sì mọ rorẹ́. Ó kàn ń wá awọ ojú, ó sì ń pa gbogbo ohun tóóró tàbí ohun kékeré tí ó bá dúdú ju awọ tí ó yí i ká lọ pọ̀ mọ́ awọ náà. Ojú, ètè àti etí aṣọ, tí wọ́n ní ààlà gbọọrọ, ni ó ń fi sílẹ̀. Pélé tí ó ti pẹ́, tí kò jìn mọ́, rí bí ìlà arúgbó lójú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ẹni tí ó ní ìpinnu àrékérekè nìkan ni ó lè tẹ irọ́ jáde. Àwọn fóònù mìíràn tilẹ̀ wà tí ń dan ojú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe é, tí wọn kì í sì í fi ojúlówó fọ́tò pamọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò fún ìtẹ̀jáde, kí ó kọ́kọ́ pa ohun ìdanjú náà kí ó tó tẹ kámẹ́rà, nítorí ohun tí fóònù bá ti pa rẹ́ kì í padà wá.

Bí a bá sì fẹ́ mọ fọ́tò tí a ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí, kí á má wo ojú nìkan. Kí á fi ojú wé aṣọ. Bí fìlà bá hàn débi pé a lè ka òwú rẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ abẹ́ rẹ̀ sì dà bí ìda, ọwọ́ ti kàn án, nítorí kámẹ́rà kan náà ni ó ya méjèèjì ní àkókò kan náà. Bí wọ́n bá sì fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ìbàdí kí ó lè tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀: etí ògiri tàbí òpó tí ó yẹ kí ó dúró gbọọrọ yóò tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá wọ aṣọ kan náà, iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí rọrùn, nítorí bí ìlà aṣọ ẹnì kan bá yí lọ́nà tí ti ẹnìkejì rẹ̀ kò gbà yí, a ti mọ ibi tí ọwọ́ kàn.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn tí ó kùn. Wọ́n ní: ṣé bí rorẹ́ bá yọ lójú ọmọbìnrin ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kí á tún kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò pé rorẹ́ wà níbẹ̀? Rárá o. Fọ́tò ilé ni èyí, ará ilé sì mọ̀. Bí ó bá sì di ohun ìtẹ̀jáde, ó tó láti sọ pé a dan awọ ojú. Kò sí ẹni tí ó ní kí á ka rorẹ́ náà. Wọ́n tún ní: ṣé bí a bá mú kí fọ́tò mọ́lẹ̀ díẹ̀, a ó sọ ìyẹn náà? Èyí tí ó bá mú kí gbogbo fọ́tò mọ́lẹ̀ kí á lè rí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bí ojú lásán ti rí i, kò gba ìjẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ aláwọ̀ dúdú di apọ́nbéporẹ́, ó ti kọjá ìmọ́lẹ̀.

Àwọn ìjọba kan pàápàá ti gbìyànjú láti fa ààlà yìí. Ní ilẹ̀ Faransé, láti oṣù kẹwàá ọdún 1917 kọ́, 2017 ni, òfin ti sọ pé bí a bá fi kọ̀ǹpútà mú kí ara àwọn tí ń fi aṣọ polówó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kí ó sanra, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé a tún fọ́tò náà ṣe. Òfin náà kò kan awọ ojú. Ní ilẹ̀ Norway, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2022 kan bí ara ti rí, bí ó ti tóbi tó, àti awọ pẹ̀lú. Bí a bá gbé méjèèjì wò, ti Norway ni ó bá ọ̀rọ̀ bàbá náà mu jù, nítorí òfin Faransé kò ní rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí pélé ọ̀gá wa. Síbẹ̀, ìpolówó ọjà ni àwọn òfin méjèèjì wà fún. Kò sí òfin tí ó gba ìwé ìròyìn kọ́lẹ́ẹ̀jì là lọ́wọ́ ẹ̀rí ọkàn tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ fi kún ti bàbá náà. Àwọn olùwádìí tí ó ti fi fọ́tò tí ó ní irú àkọlé báyìí han àwọn ọ̀dọ́bìnrin rí i pé àkọlé náà kì í sábà dín ìbànújẹ́ ẹni tí ó ń fi ara rẹ̀ wé ẹni inú fọ́tò kù. Ojú ti rí ohun tí ó rí. Nítorí náà, a kò gbà pé àkọlé jẹ́ ìwé àṣẹ láti ṣe ohun tí ó bá wù wá. Níbi tí fọ́tò bá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, bíi fọ́tò ìròyìn, fọ́tò àgbà tí a ń bu ọlá fún, tàbí fọ́tò àwọn tí ó wà ní ìpàdé kan, kí á má fọwọ́ kan ojú rárá. Níbi tí ó bá jẹ́ ẹwà ni a ń ṣe, kí á ṣe é, kí á sì sọ ọ́.

Bí a ó sì ṣe sọ ọ́ nìyí. Kí ó wà ní abẹ́ fọ́tò gan-an, ní lẹ́tà kan náà pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ó sọ ohun tí a ṣe. "A tún fọ́tò yìí ṣe" kò tó, nítorí ó lè jẹ́ eruku ni a nù, ó sì lè jẹ́ orí ẹlòmíràn ni a gbé lé e. Ẹ wo irú èyí: "A dan awọ ojú nínú fọ́tò yìí, a kò yí ohun mìíràn padà." Tàbí èyí: "Akọ̀wé ẹgbẹ́ kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, a fi fọ́tò rẹ̀ kún un lẹ́yìn náà." Kò gba ju ìlà kan lọ. Kí ẹni tí ó ni ojú náà sì rí i kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí ojúlówó fọ́tò sì wà ní ìpamọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé ìwé ìròyìn, kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè wá wò ó.

Àwa ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò sí èyí fún ìwé ìròyìn yìí, a sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara wa. Ní ojú ewé tí ó kẹ́yìn ìwé yìí, ẹ ó rí fọ́tò ọ̀gá wa tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kan sí i. A padà lọ sí ilé rẹ̀, a pa ohun ìdanjú, a sì tún un yà pẹ̀lú pélé rẹ̀ àti ewú orí rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé èyí tí a tẹ̀ ní ìjelòó kì í ṣe ojú rẹ̀. Bàbá ti rí i, ó sì ti mọ ara rẹ̀.